Ẹ Sọ Fídíò Fóònù Di Kékeré Kí Ẹ Tó Gé E: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Afídíò Òde ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Lẹ́yìn Ojúde Ọba àti àwọn ìnáwó tó tẹ̀ lé Iléyá, ẹ̀sùn kan náà là ń gbọ́ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù: oníbàárà ti sanwó, fídíò kò jáde. Afídíò kò sùn o. Ó gé e, ó tò ó, ó fi orin sí i. Ìgbà tó ní kí kọ̀ǹpútà máa rẹ́ńdà ni sọ́fútíwíà bẹ̀rẹ̀ sí fà, ó dúró gbagidi, tàbí ó pa ara rẹ̀ dé láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó mọ fídíò gé la kọ ìwé yìí fún, nítorí náà a ò ní sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gé e. Àṣìṣe kan la fẹ́ bá wí: gbígbé fídíò 4K tí fóònù ká, bó ṣe wà gan-an, sórí kọ̀ǹpútà tí ráàmù rẹ̀ jẹ́ 4GB.

Ẹyọ àwòrán kan nínú fídíò 4K máa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 33 nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tú u sínú ráàmù. Ti 720p kò pé 4. Kì í sì í ṣe ẹyọ kan ni kọ̀ǹpútà ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀pọ̀ ni. Nínú 4GB yẹn, Windows fúnra rẹ̀ ti lè jẹ tó ìdajì kí ẹ tó ṣí ohunkóhun.

Púpọ̀ nínú yín máa ń sọ pé, "Ṣebí mo ti tan proxy." Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Proxy ni ẹ̀dà kékeré tí sọ́fútíwíà ń lò nígbà tí ẹ bá ń gé fídíò, kí iṣẹ́ má baà fà. Tí ó bá di àtirẹ́ńdà, bí ẹ kò bá ní kó ṣe bí ẹlòmíràn, fáìlì ńlá ló máa padà lọ gbé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ fi ń lọ geere látàárọ̀, tó wá bàjẹ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ parí rẹ̀. Proxy kò gba rẹ́ńdà là. Fáìlì gan-an lẹ gbọ́dọ̀ sọ di kékeré.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ráàmù ló fà á. Ẹ tẹ Ctrl+Shift+Esc, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà Memory, kí ẹ máa wo ibi tí wọ́n kọ Committed sí bí ó ṣe ń rẹ́ńdà. Nọ́mbà méjì ló wà níbẹ̀. Bí èyí tó wà níwájú bá ń gun òkè títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èkejì, ráàmù ni. Bí ibi kan náà ló ti ń kú ní gbogbo ìgbà, tí Committed kò sì ga, ó ṣeé ṣe kí fáìlì kan ti bàjẹ́ níbẹ̀, ìwé yìí kò sì ní wo ìyẹn sàn.

Láptọ́ọ̀pù kan tí wọ́n gbé wá láti Ìkẹ́nnẹ́ fi èyí hàn dáadáa. Ìtò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan ni, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Kdenlive ni wọ́n fi gé e. Ó kú ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n tún un ṣe, ó kú ní 58. Kó tó kú, Committed wà ní 7.7/7.8. Ẹni tó ni ín ti yọ sọ́fútíwíà kúrò, ó sì ti tún un fi sí i, ó ń fi dátà ṣòfò. Kò sí ohun tó ṣe sọ́fútíwíà.

Ẹni tó fẹ́ yan gàrí Ìjẹ̀bú kì í da ẹ̀gẹ́ tí kò tíì fún sínú agbada. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fídíò. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí à ń pè ní ffmpeg ló ń ṣe é. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ fi í sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa fèrèsé náà dé, kí ẹ sì tún un ṣí:

```
winget install Gyan.FFmpeg
```

Ẹ kó gbogbo fídíò fóònù sínú fódà kan. Ẹ fi `cd` wọ inú fódà náà, kí ẹ tó kọ èyí:

```
mkdir kekere
for %f in (*.MOV) do ffmpeg -i "%f" -vf "scale=-2:720,fps=30" -pix_fmt yuv420p -c:v libx264 -preset veryfast -crf 20 -g 15 -c:a aac -ar 48000 "kekere\%~nf.mp4"
```

Bí fáìlì yín bá parí sí .mp4, ẹ fi `*.mp4` rọ́pò `*.MOV`. Ẹ má yọ `fps=30` kúrò. Fóònù kì í ká iye àwòrán kan náà ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ló sì sábà máa ń jẹ́ kí ohùn ya kúrò lára ètè olórin tó bá pẹ́. Ní ti `-g 15`, òun ló ń jẹ́ kí fídíò gbọ́ràn nígbà tí ẹ bá ń fà á síwá sẹ́yìn.

Ó lè gba gbogbo òru lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára. Ẹ so kọ̀ǹpútà náà mọ́ iná NEPA, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì, kí ẹ sì ní kó má sùn. Fáìlì inú `kekere` nìkan ni kí ẹ gbé wọ Kdenlive, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 720p, 30 fps. Ẹni tí ráàmù rẹ̀ tó 8GB lè kọ 1080 dípò 720. Oníbàárà tó máa wò ó lórí WhatsApp kò ní mọ ìyàtọ̀, nítorí náà ẹ yéé ṣèlérí 4K fún ẹni tí kò bèèrè rẹ̀.

Lórí láptọ́ọ̀pù Ìkẹ́nnẹ́ yẹn, Committed kò kọjá 5 lẹ́yìn èyí, ó sì rẹ́ńdà dópin.

Bí ó bá ṣì ń kú, ẹ fẹ ààyè tí Windows ń yá lórí dísìkì. Ẹ wá "Adjust the appearance and performance of Windows", ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Change lábẹ́ Virtual memory. Ẹ yọ àmì tó wà lókè kúrò, ẹ yan Custom size, ẹ kọ 8192 sí Initial àti 12288 sí Maximum, ẹ tẹ Set, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Dísìkì inú kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lò, kó sì ní ju 12GB lọ tó ṣófo. Kò ní jẹ́ kó yára o, kíkú ló ń dènà.

Ní fèrèsé Render, ẹ mú àmì kúrò níwájú Parallel Processing, nítorí ráàmù ló ń jẹ. Ẹ ti Chrome pa. Fídíò tó bá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ẹ pín in sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún: ẹ fi I sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀, O sí ìparí, kí ẹ yan Selected zone. Ibi tí orin ti dákẹ́ díẹ̀ ni kí ẹ ti gé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ etí á gbọ́ ibi tí a ti so ó. Ẹ kọ orúkọ àwọn apá náà sínú `akojo.txt`, nínú fódà kan náà tí wọ́n wà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra:

```
file 'apa1.mp4'
file 'apa2.mp4'
```

Ẹ fi `cd` wọ inú fódà yẹn, kí ẹ wá so wọ́n pọ̀:

```
ffmpeg -f concat -safe 0 -i akojo.txt -c copy odindi.mp4
```

Ìsopọ̀ yìí kì í pẹ́ rárá, nítorí kò tún nǹkan kan rẹ́ńdà. Bí apá kan bá kú, apá yẹn nìkan lẹ máa tún ṣe.

Fọ́tò náà wà níbẹ̀. Fọ́tò kámẹ́rà tó fẹ̀ ní 6000 tó ga ní 4000 ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 96 tí a bá tú u, ẹ sì ń to ogójì rẹ̀ sẹ́yìn orin ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di 1920 kí ẹ tó gbé e wọlé:

```
ffmpeg -i foto.jpg -vf scale=1920:-2 foto_kekere.jpg
```

Ẹ má pa fídíò fóònù rẹ́ títí oníbàárà yóò fi wo odindi iṣẹ́ náà tán.