Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Apanilẹ́rìn-ín fún Tísà Tó Ń Fẹ̀yìn Tì

Ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà ló máa ń sọ̀rọ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì tísà, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń sọ: olùfọkànsìn ni, aláápọn ni, òbí rere ni. Ẹ yọ orúkọ tísà náà kúrò, kí ẹ fi ti ẹlòmíì sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ò gba irú ìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín nítorí pé wọ́n dá ẹni náà mọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tó pọ̀ jù fi wà nínú ìkójọ, kí ẹ tó mú bírò rárá.

Ìkójọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ wá tísà tó ti jókòó ti ẹni náà pẹ́ nínú yàrá àwọn tísà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ méjì tí wọn ò jọ wà nílé ìwé lásìkò kan náà, kí ẹ sì wá ẹnì kan láti ilé. Ẹ má bi wọ́n pé "irú èèyàn wo ni wọ́n?" "Èèyàn dáadáa ni wọ́n" ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn, ibẹ̀ ló sì máa parí sí. Ohun tí ojú rí tí etí gbọ́ ni kí ẹ béèrè. Tí kíláàsì bá ń pariwo, kí ni wọ́n máa ń sọ? Kí ni kì í kúrò lórí tábìlì wọn? Orúkọ wo ni ẹ fi ń pè wọ́n tí wọn ò bá sí nítòsí?

Ohun tí ẹni méjì tí kò mọ ara wọn bá jọ sọ ni kí ẹ mú. Ká sọ pé tísà ìṣirò kan, obìnrin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990. Ẹni tó jáde ní 1997 sọ pé "Màmá Wọ́kìn" làwọn ń pè wọ́n, torí pé tí èèyàn bá rí ìdáhùn tó tọ̀nà ṣùgbọ́n tí kò kọ bó ṣe dé ibẹ̀, máàkì kan péré nínú márùn-ún ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó jáde ní 2016 náà sọ pé ohùn kan ṣì ń ró sí òun létí: "Wọ́kìn ẹ dà?" Ọ̀rọ̀ yín ti débẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan péré bẹ́ẹ̀ tó láti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró. Tí ẹ bá kó àṣà mẹ́wàá jọ, yóò dà bí ìgbà tí ẹ ń ka ẹ̀sùn.

Ẹ yẹ ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ wò pẹ̀lú, kí ẹ má kàn gbà pé 35 ni. Òfin kan tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2022 sún ọdún iṣẹ́ tísà láti 35 sí 40, ó sì sún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 60 sí 65, àmọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń mú un lò fúnra rẹ̀. Tísà ìṣirò ni ẹ fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ nípa rẹ̀; tí ẹ bá ṣi ọdún kà lójú rẹ̀, òun ni yóò fi yín rẹ́rìn-ín.

Ohun tí a lè fi ṣẹ̀fẹ̀, àtèyí tí a kì í fọwọ́ kàn

Ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ yàn láti máa ṣe ni kí ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀: bírò pupa tó máa ń wà nínú irun, dígí ojú tí wọ́n ń wá kiri nígbà tó wà lórí wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n máa ń jí nínú àsìkò ìsinmi kékeré láti parí ẹ̀kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn láìjẹ́ pé wọ́n yàn án, ẹ fi í sílẹ̀. Ara wọn, ọmọ tí wọn ò rí bí, ọkọ tó ti kú, ipò príńsípà tí wọn ò rí gbà, gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì pàápàá, ẹ má fi í ṣe àwàdà. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú tí wọ́n sì ṣì ń dúró de tiwọn máa ń jókòó láàárín èrò, wọn ò sì ní rẹ́rìn-ín.

Pàṣán ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn ṣọ́ra fún jù, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹni tó jẹ ẹgba mẹ́fà ní 1994 lè rẹ́rìn-ín lónìí, ẹni tó jókòó tì í lè má tíì dárí jì wọ́n. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹgba tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ, kí ẹ sì gbà pé ẹ jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan ohun tí ẹ fẹ́ lò, ẹ kà á fún ẹni ilé yẹn. Tó bá rẹ́rìn-ín lójú ẹsẹ̀, ó ti wọlé. Tó bá kọ́kọ́ dákẹ́ kó tó ní "ó dáa náà", ẹ pa á rẹ́.

Àgbà ni wọ́n

Ẹ ń ṣẹ̀fẹ̀ àgbà ní gbangba, nítorí náà ẹ gba àyè kí ẹ tó wọlé. Ẹni tó jẹ́ ọmọdé sí wọn lè ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àforíjì, tótó ṣe bí òwe o," kí ó sì kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn nínú yàrá tísà ní àyè tó fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ilé ìwé gan-an ló yẹ kó fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú un, torí pé àwàdà ọ̀gá máa ń dún bí ìbáwí.

Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń ṣubú ni "wọ́n" àti "ó". Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa pé "Màmá máa ń bi wá, wọ́n á ní…", ṣùgbọ́n tí àwàdà bá gbóná, tí èrò sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á já sí "ó wá ní…" Ẹ̀rín àwọn àgbà iwájú á dúró lójijì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ò sì ní mọ ohun tó ṣe. Ẹ kọ "wọ́n" náà sínú ìwé níbi gbogbo, pàápàá níbi tó ti ń pani lẹ́rìn-ín jù. "Ẹ" ni kí ẹ wá lò nígbà tí ẹ bá yíjú sí wọn, kí ẹ sì fi ìyẹn pa mọ́ di apá ìparí.

Bí a ṣe ń tò ó

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹ fi fóònù wọn àkókò nígbà tí ẹ bá ń kà á sókè, kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan sílẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyẹn ni pé tí kíkà rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú yàrá yín, ó pé.

Orúkọ ìnagijẹ ni kí ẹ fi ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn kan, nítorí àwọn àna àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ò sí ní kíláàsì yẹn. Fún tísà wa, ó lè lọ báyìí:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, tí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pe Màmá Wọ́kìn, ẹ má rò pé ẹgbẹ́ wọn ló sọ wọ́n lórúkọ. Àwa ni. Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹta, mo rí ìdáhùn gidi. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní, 'Wọ́kìn ẹ dà?' Mo ní orí mi ni mo fi ṣe é. Wọ́n ní kí n lọ gbé orí náà wá kí àwọn máàkì í."

Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ẹ ka ẹ̀ẹ́kan, èjì, ẹ̀ta nínú, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àṣà yẹn kan náà, kí ẹ fi díwọ̀n iṣẹ́ wọn:

"Wọ́n ní kí n wá sọ bí Màmá ṣe ṣiṣẹ́ tó. Mi ò lè dáhùn láìsí wọ́kìn. Ọdún 35, táàmù mẹ́ta lọ́dún, táàmù 105. Ká fún táàmù kan ní ọ̀sẹ̀ 12, ó di ọ̀sẹ̀ 1,260. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó di ọjọ́ 6,300. Mi ò tíì yọ ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì o, kí Màmá má tíì mú bírò pupa."

Ohun tí apá yìí ń ṣe ni pé iye náà gan-an jẹ́ ìyìn, ṣùgbọ́n àwàdà ló gbé e wá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ bí ìyìn tí wọ́n há sórí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní àyè fún ìtàn kúkúrú kan tó fi oore wọn hàn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí tó ṣeé fojú rí: ọmọ tí wọ́n jókòó tì lẹ́yìn ìpàdé àárọ̀ fún táàmù kan gbáko, títí tó fi yege ìṣirò nínú ìdánwò àṣekágbá. Ẹ má fi àwàdà kankan sí ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí ilé parọ́rọ́ díẹ̀.

Àwọn ohun tó máa ń bà á jẹ́

Ìkíni ló kọ́kọ́ ń jẹ àkókò. Tí ẹni márùn-ún bá ti kí ọba, alága àti àwọn aṣojú ìjọba kó tó kàn yín, ẹ ní "mo dúró lórí ìkíni tí wọ́n ti ṣe nílẹ̀", kí ẹ kí tísà nìkan. Ẹ bá atọ́kùn ètò sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ yín wá ṣáájú oúnjẹ; tí àwo ìrẹsì bá ti ń kọjá, kò sí àwàdà tó lè bá a du ojú èèyàn. Tí jẹnẹrétọ̀ bá wà lẹ́yìn ògiri, ẹ sọ gbólóhùn tó ń pani lẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ ju ìyókù lọ, torí tí wọn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀, wọ́n ti pàdánù gbogbo rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ òkú náà. "Nígbà ayé wọn nílé ìwé wa" máa ń yọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó mọ ìwé pàápàá, "ó dìgbóṣe" náà sì máa ń bá a rìn. Ẹ kọ "láàárín ọdún tí wọ́n fi wà pẹ̀lú wa" sínú ìwé, kí ẹ sì kà á bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó tóbi ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, ojú ewé kan ṣoṣo, nítorí ẹni tó ń ṣí ìwé lójú máíkì máa ń pàdánù ibi tó dé.

Fún ìparí, ẹ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ yíjú sí tísà fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ ní: "Màmá, ọdún 35 ni ẹ fi ń bi wá. Wọ́kìn yín rèé." Wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà jákèjádò gbọ̀ngàn. Ẹ fún tísà ní ìwé tí ẹ kà náà lọ́wọ́, kí ẹ lọ jókòó.