Ẹ Má Fi Ibi Tó Ń Dun Aláìsàn Dájọ́ Ibi Tó Lu: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Awọ Inú Ikùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún gbé ọkùnrin kan wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ẹbí ẹ̀ ti sanwó sìkáànù, torí dókítà tuntun tó kọ́kọ́ rí i ní kí wọ́n wo àpẹ́ńdíìsì nìkan, wọn ò rí nǹkan kan, ló bá tún ní kí wọ́n lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀yin dókítà tuntun, ẹ ti kọ́ péritónéúmù, awọ tó bo inú ikùn àti àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀, ní ilé ìwé, mi ò ní tún un kọ́ yín, àṣìṣe tí mò ń rí ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má rò pé inú ikùn ṣófo bí ìkòkò. Awọ tó bo ògiri ikùn àti èyí tó bo ìfun fara kanra ni, omi díẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lórí ara wọn. Àyè àárín wọn kì í là àfi tí omi, ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá wọ ibẹ̀.

2. Kíndìnrín ò sí nínú àyè tí awọ yẹn yí ká o, ẹ̀yìn awọ náà ló wà.

3. Èyí ló ń dùn mí jù: ẹ má gbà pé ibi tó ń dun aláìsàn náà ni nǹkan ti bàjẹ́. Omi inú ikùn ní ọ̀nà tó ń gbà. Ẹ wo mẹ́sẹ́ńtérì ìfun kékeré, ìyẹn awọ tó so ìfun mọ́ ẹ̀yìn ikùn, bí abẹ̀bẹ̀ ló rí: etí ẹ̀ gbé ìfun tó tó mítà mẹ́fà, àmọ́ ìdí ẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ikùn ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó sì dábùú láti òsì lókè wá sí ọ̀tún nísàlẹ̀. Ògiri nìyẹn. Omi tó bá wà lápá òsì ẹ̀ á ṣàn wọ inú ìbàdí, ti apá ọ̀tún á há síbẹ̀ títí á fi kún àkúnya. Lẹ́bàá ìfun ńlá, níta, gọ́tà wà lọ́tùn-ún àti lósì. Ti òsì, awọ kan dí i lókè. Ti ọ̀tún fẹ̀, ó ṣí láti abẹ́ ẹ̀dọ̀ dé ìbàdí, ohun tó bá wọ inú ẹ̀ lè lọ sókè lè lọ sísàlẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣì ń ṣe háósìjọ́ọ̀bù ni mo fojú ara mi rí i. Awakọ̀ kan tó ti ń lo oògùn ẹ̀yìn ríro fún oṣù mélòó kan wá, ó ní àná òjijì ni òkè ikùn òun dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún un, àmọ́ nígbà tó máa dé ọ̀dọ̀ wa ìsàlẹ̀ ọ̀tún ló ń fọwọ́ dì mú. Èmi ni mo kọ àpẹ́ńdíìsì sínú ìwé ẹ̀. Wọ́n la ìsàlẹ̀ ọ̀tún, omi aláwọ̀ òróòro tú jáde, àpẹ́ńdíìsì ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Wọ́n ní láti tún àárín ikùn là, ibẹ̀ la ti rí ihò lára ìfun tó tẹ̀lé àpòlúkù. Gọ́tà ọ̀tún ni omi ẹ̀ gbà sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin náà yè, àmọ́ ojú abẹ méjì ló gbé lọ sílé torí pé mi ò bi í pé níbo ló ti BẸ̀RẸ̀.

Tẹ́ ẹ bá fura sí ihò lára ìfun tàbí àpòlúkù, ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó ṣánṣán bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó ya àyà ẹ̀ ní ẹ́síréè, kí afẹ́fẹ́ tó jò jáde lè rí àyè gòkè sí abẹ́ dáyáfíráàmù, iṣan tó pín àyà àti ikùn níyà. Tẹ́ ò bá sì rí afẹ́fẹ́, ẹ má tìtorí ẹ̀ sọ pé kò lu.

Ẹ má sì rò pé ìsàlẹ̀ nìkan ni omi ń lọ. Tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀, kòtò tó wà láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀tún, èyí tí wọ́n ń pè ní àpò Morison, ló jìn jù lápá òkè ikùn. Mímí náà tún ń fa omi lọ sí abẹ́ dáyáfíráàmù. Ìdí nìyẹn tí ọyún àpẹ́ńdíìsì fi lè bá yín lókè ẹ̀dọ̀, tí aláìsàn á máa sọ pé èjìká ọ̀tún ń dun òun.

Àpò kékeré tó wà lẹ́yìn àpòlúkù ńkọ́? Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, ó há, tí ara ibẹ̀ bá sì wú ó lè dí pátápátá. Páńkíríà ló wà lẹ́yìn ẹ̀, nítorí náà omi ẹ̀ tàbí ti ọgbẹ́ ẹ̀yìn àpòlúkù á kó síbẹ̀, iwájú ikùn lè rọ̀, kí ìrora máa gún dé ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe sìkáànù pé kó wo ẹ̀yìn àpòlúkù. Tí omi páńkíríà bá sì kó síbẹ̀, ẹ má sáré gún un, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ògiri ẹ̀ tó le, àfi tí kòkòrò bá ti wọ inú ẹ̀.

Èyí tó kù: wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún èèyàn, ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún sí ìkeje ibà dé, ó ń yàgbẹ́ tó ní ikun, ó ń ṣe é bíi pé ìgbẹ́ ṣì kù nínú, ẹ wá ń fún un ní oògùn ibà ẹ̀fọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ìka yẹ ìdí ẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí ibi tó wú síta níwájú, tó rọ̀, tó sì ń dùn ún, ọyún ti kó sísàlẹ̀ ìbàdí nìyẹn, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ní kí sìkáànù wò.