Bí a ṣe ń yí Ah bátìrì padà sí Wh kí a tó ra sólà

Ah, ìyẹn ámpù-wákàtì, ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára bátìrì. Wh, wáàtì-wákàtì, ni fáànù ń jẹ. Fóòtì ló so méjèèjì pọ̀:

```
Wh = V × Ah
Ah = Wh ÷ V
```

Bátìrì 12V 200Ah: 12 lọ́nà 200, 2400Wh nìyẹn. Fóòtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni kí ẹ lò, kì í ṣe 14.4 tí mítà ń gbé wá nígbà tó bá ń gba iná lọ́wọ́.

Bátìrì méjì ló ń da àwọn èèyàn rú. Ká ní 12V 200Ah méjì ló wà nílẹ̀. Tí ẹ bá so wọ́n ní síríìsì, pósítífù èyí mọ́ nẹ́gétífù ìyẹn, fóòtì á di 24, Ah ò ní kúrò ní 200. Tí ó bá jẹ́ párálẹ̀lì, pósítífù mọ́ pósítífù, nẹ́gétífù mọ́ nẹ́gétífù, Ah á di 400, fóòtì ò ní kúrò ní 12. Ọ̀nà méjèèjì, 4800Wh náà ni. Ẹlòmíràn á so síríìsì tán, á tún ro Ah pọ̀, á ní òun ní 9600Wh. Ààbọ̀ òru ni iná irú wọn máa ń kú. Èmi kì í bá a jà: mo ń ṣírò Wh bátìrì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo wá ro wọ́n pọ̀. Bó ti wù kí wáyà gbà, àpapọ̀ yẹn kì í yí padà. Ẹ má sì fi 220 fóòtì ilé pín Wh o. Fóòtì bátìrì la ń lò.

Ó yá, ká mú ilé kan. Bí ẹ ò bá ní mítà wáàtì, ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó tó. Fáànù 75 wáàtì fún wákàtì 8, 600Wh. Gílóòbù 10 wáàtì mẹ́rin fún wákàtì 5, 200Wh. Tẹlifíṣọ̀n 80 wáàtì fún wákàtì 5, 400Wh. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1200Wh. Ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, mo máa ń fi 0.85 pín in: 1412Wh. Bátìrì olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ìdajì ni kí ẹ máa lò nínú rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, nítorí náà ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 2824Wh. Ẹ fi 12 pín in, 235Ah ni. 200Ah kan ò tó. Lórí 24 fóòtì, bíi 118Ah ni, bátìrì 12V 150Ah méjì ní síríìsì á sì gbé e. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ámpù inú wáyà á dín sí ìdajì, ẹ ò sì ní ra wáyà gbọ̀ngbọ̀n olówó ńlá.

Tó bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, ẹ lè lò ju ìdajì lọ nínú rẹ̀, nítorí náà 0.8 ni mo fi ń pín 1412 dípò ìlọ́po méjì: 1765Wh. 12.8 ni wọ́n ń kọ sára tirẹ̀, kì í ṣe 12. Ẹ fi pín in, bíi 138Ah. 150Ah kan ṣoṣo tó.