Ẹ má pa nọ́ńbà rẹ́ nínú ìwé láàbù yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣe áí-tíì ní láàbù kẹ́mísírì, bírò ni kí ẹ máa fi kọ ìwé àkọsílẹ̀ yín, kì í ṣe pẹ́ńsù. Bí ẹ bá ṣe ka nọ́ńbà ni kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ sí àjákù bébà pé ẹ máa dà á kọ tó bá yá.

Ká ní ẹ ń da NaOH láti inú bùrẹ́ẹ̀tì sínú áàsìdì. Ẹ̀ẹ̀kíní, 24.60 mL, ẹ̀ẹ̀kejì, 23.10, ẹ̀ẹ̀kẹta, 23.20. Ó máa ń wuni láti yọ 24.60 kúrò. Ẹ má dán an wò o! Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "Afẹ́fẹ́ há sí ẹnu bùrẹ́ẹ̀tì, ó jáde bí mo ṣe ń dà á." NaOH ló kún àyè tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀, òun ló jẹ́ kí nọ́ńbà náà ga. Méjì tó kù ni ẹ ó fi ṣírò: 23.15. Bí ẹ kò bá rí ìdí kankan, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tún iṣẹ́ náà ṣe.

Bí ẹ bá ṣi nọ́ńbà kọ, ìlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà lé e, kó ṣì ṣeé kà. Ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ kọ déètì.

Ẹ má fi ẹnu fa pípẹ́ẹ̀tì, kódà bí ọ̀gá yín bá ń ṣe é. Kí ẹ sì bọ́ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó mú bírò. Ìwé yẹn ṣáà ni ẹ máa gbé sórí tábìlì oúnjẹ nílé.