Bátìrì Méjì Ni Mo Rà Kí N Tó Mọ Ibi Tí Iná Ọ̀kadà Mi Ń Sọnù Sí

Láàárín oṣù mẹ́jọ, bátìrì méjì ni mo rà sí ọ̀kadà tí mo fi ń ti Ajárá lọ síbi iṣẹ́ ní àárín ìlú Àgbádárìgì. Bátìrì kékeré onífọ́ọ̀tì 12 ni, èyí tí ó máa ń wà lábẹ́ ìjókòó. Bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tuntun sí i, sítátà yóò máa ṣiṣẹ́ geerege fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà, fèrè yóò sì máa dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, títí yóò fi di pé kíìkì nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Rìwáyà tí mo gbé e lọ bá kò fi nǹkan kan wọ̀n ọ́n. Ó fi wáyà kan gbá orí méjèèjì tí bátìrì náà ní pọ̀, ó wo iná tí ó ta pàrà, ó ní, "Ọ̀gá, bátìrì yín ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì pinnu pé n óò fi mítà wá ìdí ọ̀rọ̀ náà fúnra mi.

Mítà onínọ́ńbà ni mo ní, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ilé ń lò. Ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé fọ́ọ̀tì 15.9 ni ó wà nínú bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́ rárá, èyí tí kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì kékeré inú mítà fúnra rẹ̀ ni ó ti rẹ̀, bí ó bá sì ti rẹ̀, irú mítà yìí a máa ka iye tí ó ju òótọ́ lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀ kí n tó tẹ̀ síwájú.

Ìbéèrè tí mo bi ara mi ni pé, ṣé òru ni iná ń jò jáde ni, àbí ọ̀sán ni kò wọlé? Mo gba iná sí bátìrì náà títí ó fi kún, mo so ó padà sára ọ̀kadà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, nítorí pé bátìrì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iná máa ń fi iye tí kì í ṣe tirẹ̀ hàn. Fọ́ọ̀tì 12.7 ni mo bá, iye tí bátìrì tí ó kún tí ó sì ń sinmi yẹ kí ó ní. Mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí n kò gun ọ̀kadà náà, ó ṣì wà ní 12.7. Iná kò jò jáde lóru nìyẹn. Ó ku ti ọ̀sán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi ta ẹ́ńjìnnì, ó tan iná iwájú, èmi sì gbé abẹ́rẹ́ pupa àti dúdú lé orí bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà ní sílò, 12.5 ni mo rí. Mo ní kí ó yí ọwọ́ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré, iye náà gòkè dé 12.9, ó sì dúró síbẹ̀. Ọ̀kadà tí ó ń gba iná dáadáa yẹ kí ó wà láàárín 13.8 sí 14.5 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Bí ó bá kọjá 15, rẹ́tífáyà ni kò lè ká iná lọ́wọ́ kò mọ́, bátìrì yóò sì máa hó. Ṣùgbọ́n 12.9 kò fi nǹkan ju ohun tí bátìrì náà ní nígbà tí ó ń sùn lọ. Ní sílò, òun gan-an ni ó ń bọ́ iná iwájú.

Kọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń pèsè iná, rẹ́tífáyà a sì sọ ọ́ di irú èyí tí bátìrì lè gbà. Mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà yẹ́lò mẹ́ta tí ó ti inú ẹ́ńjìnnì wá, mo yí mítà sí `V~` tí ó wà fún irú iná tí kọ́ìlì ń pèsè, mo wọ̀n wọ́n ní méjì-méjì. Ní sílò, nǹkan bí 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí a sì yí ọwọ́, gbogbo wọn kọjá 50, wọn kò sì yàtọ̀ síra. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kan àwọn wáyà náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Lẹ́yìn tí mo pa á, mo wò ó bóyá èyíkéyìí nínú wọn fara kan irin ẹ́ńjìnnì, kò sí. Kọ́ìlì kò jẹ̀bi.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti lọ ra rẹ́tífáyà, èmi náà sì ti fẹ́ ná owó náà. Àmọ́ mo fẹ́ yẹ wáyà pupa tí ó ti ara rẹ́tífáyà lọ sí bátìrì wò ná. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yí mítà síbi tí ó ti máa ń ké bí ọ̀nà bá ṣí, mo fi kan ìkángun méjèèjì. Ó ké. Mo ní wáyà náà dára. Àṣìṣe mi nìyẹn, ó sì gba ìrọ̀lẹ́ odindi kan lọ́wọ́ mi, nítorí pé mítà a máa ké lórí wáyà tí ó kù díẹ̀ kí ó já. Agbára tí ó ń rán kọjá kéré gan-an, kò tó ohun tí ọ̀nà tóóró yóò dí lọ́wọ́. Ìgbà tí iná gidi bá ń kọjá nínú wáyà ni àléébù rẹ̀ máa ń yọjú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kejì, a dá sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogbo padà, a ta ẹ́ńjìnnì, a tan iná iwájú. Mo dá mítà padà sí fọ́ọ̀tì bátìrì, mo ki abẹ́rẹ́ pupa sí ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí wáyà pupa ti jáde lára rẹ́tífáyà, mo gbé dúdú lé orí pupa bátìrì. Bí wáyà tí ó so wọ́n bá dára, iye tí mítà yóò kà kò yẹ kí ó ju 0.2 lọ. 1.3 ni mo rí. Mo wọn iná tí ó ń jáde lára rẹ́tífáyà fúnra rẹ̀, ó jẹ́ 14.2. Rẹ́tífáyà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pé pérépéré. Ojú ọ̀nà ni 1.3 ń gbé sí.

Mo wá ń ṣí abẹ́rẹ́ dúdú nípò díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà wáyà náà. Láti ojú fíúsì dé bátìrì, 0.1 péré. Ṣùgbọ́n láti apá kan dé apá kejì sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ táǹkì epo, 1.2. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kan ike rẹ̀, ó gbóná. A pa ẹ́ńjìnnì, mo fa á yà, ọmọ náà sì ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, ó ti jó!" Ike funfun náà ti di àwọ̀ búráùn, ó ń rùn bí ike tí wọ́n sun, eyín irin inú rẹ̀ sì ti ya díẹ̀, pẹ̀lú ìpẹtà àwọ̀ ewé tí ó bò ó. Mo fura sí atẹ́gùn òkun tiwa yìí tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Mo gé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dànù. Mo bó wáyà sẹ́yìn títí mo fi dé ibi tí kọ́pà rẹ̀ ti ń dán, mo lọ́ méjèèjì pọ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn, mo sì fi rọ́bà bò wọ́n. Nígbà tí a tún ta ẹ́ńjìnnì, tí a yí ọwọ́, bátìrì ka 14.1, ìyàtọ̀ láàárín rẹ́tífáyà àti bátìrì sì di 0.1.

Bátìrì àkọ́kọ́ ṣì wà nílé, mo sì gba iná sí i jẹ́jẹ́ ní òru kan. Ó ka 12.5 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo ṣe tẹ sítátà, ó já sí 7.8. Ó ti pẹ́ jù tí iná ti tán nínú rẹ̀ kí n tó rántí rẹ̀. Mo tà á fún àwọn tí ń ra bátìrì àlòkù kiri.