Wọ́n dá fọ́ọ̀mù àmì-òwò aṣọ mi padà, níbo ni mo ti ṣìṣe?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Tíṣáátì àti húùdì ni mo ń ṣe, Velzuna ni mo sọ bírándì náà. Nínú ìsọ̀rí ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kíláàsì, 35 ni mo fi forúkọ sílẹ̀ torí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń tà, mo wá kọ "gbogbo nǹkan fáṣọ̀n" sínú fọ́ọ̀mù. Mo wá orúkọ yẹn kí n tó sanwó o, kò sí níbì kankan. Ọ́fíìsì àmì-òwò ti wá kọ lẹ́tà sí mi báyìí pé ohun tí mo kọ ò ṣe kedere, àti pé àmì-òwò kan tó ń jẹ́ Felsuna ti wà níwájú mi. Ṣé mo lè kàn fi kíláàsì 25, ti aṣọ, kún un?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí fọ́ọ̀mù bá ti wọlé, o lè yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀ àmọ́ wọn ò ní jẹ́ kó o fi kún un, torí ọjọ́ tó wọlé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, tí wọ́n bá gbà kó o ti ọjà tuntun bọ abẹ́ ọjọ́ àtijọ́, o ti gba iwájú ẹlòmíì nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tuntun lo máa kọ, owó tuntun náà sì ni.

Kíláàsì yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dà ẹ́ láàmú. Márùnlélógójì ni wọ́n, 1 dé 34 jẹ́ ti ọjà, 35 dé 45 jẹ́ ti iṣẹ́ téèyàn ń bá ẹlòmíì ṣe. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó o ti ń tà á, ohun tí orúkọ náà wà lára ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Tó bá jẹ́ lébẹ́ẹ̀lì ọrùn aṣọ ló wà, 25 ni, ibẹ̀ ni aṣọ, bàtà àti fìlà wà. Ẹni tó ṣí ìsọ̀ tó ń kó aṣọ ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi tà ló nílò 35. Ẹni tó ń gba aṣọ oníbàárà rán, 40 ni tiẹ̀. Báàgì wà ní 18.

Ìbéèrè: Ó yé mi. Felsuna ńkọ́? Mo tẹ Velzuna, òfo ló gbé wá. Bàtà nìkan sì lẹni yẹn ń ṣe, èmi ò ta bàtà.

Ìdáhùn: Lẹ́tà orúkọ ẹ nìkan lo wá, ẹni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò ń fetí wá a ni. Pe méjèèjì sókè ná, V di F, Z di S, ìyókù ò yí padà. Tí bàtà àti tíṣáátì bá ń ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan náà jáde, tí wọ́n ń tà wọ́n pọ̀, oníbàárà lè rò pé ẹnì kan náà ló ni wọ́n, ìyẹn tó láti dá ẹ dúró. Kódà tí tiẹ̀ bá jẹ́ báàgì ní 18, ó ṣì lè kó bá ẹ, nọ́ńbà kíláàsì ò ní gbà ẹ́ sílẹ̀.

Tó o bá fẹ́ wá orúkọ míì, kọ́kọ́ kọ gbogbo bí èèyàn ṣe lè ṣì í pè tàbí ṣì í kọ sórí ìwé. Wá wọn níkọ̀ọ̀kan ní ojúlé ìwádìí ọ́fíìsì tó o fẹ́ forúkọ sí, kó o tún wá wọn ní Global Brand Database ti WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àmì-òwò àti irú ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wá ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ lọ́tọ̀, ìparí ẹ̀ lọ́tọ̀. Wo 25, 18 àti 35. Èyí tó o bá rí, wo bóyá ó ṣì wà láàyè, kó o sì ka ọjà tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé.

Ìbéèrè: Tí mo bá ya lóógò tó yàtọ̀ pátápátá sí i ńkọ́?

Ìdáhùn: Lóógò ò ní ẹnu, orúkọ ni oníbàárà máa pè. Ọ̀nà tó ṣẹ́ kù ò pọ̀: o lè bẹ Felsuna kó kọ ìwé pé òun gbà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ́fíìsì ló ń gba irú ẹ̀, tàbí kó o wádìí bóyá ó ti pa orúkọ náà tì, torí níbi púpọ̀ tí wọn ò bá lò ó fún ọdún 3 tàbí 5 léra wọn, èèyàn lè ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìyẹn ń gba àkókò àti owó lọ́yà. Tó bá jẹ́ èmi, mà á yí orúkọ padà kí n tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì míì.

Ìbéèrè: Kí wá ni kí n kọ síbi ọjà báyìí?

Ìdáhùn: Orúkọ tí ẹni tó ń rà á máa pè é: "Aṣọ wíwọ̀, ìyẹn tíṣáátì, húùdì, ṣòkòtò kékeré, fìlà". "Fáṣọ̀n" lè jẹ́ yẹtí, báàgì, aṣọ tí wọn ò tíì rán, kíláàsì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìdí tí wọ́n fi ní kò ṣe kedere nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, mú níbẹ̀, lẹ́tà irú èyí ò ní pọ̀. Fìlà tó o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kọ ọ́ sí i báyìí torí kò ní ṣeé fi kún un. Bàtà tí ò sí lọ́kàn ẹ rárá, fi sílẹ̀, tó ò bá lò ó, ẹlòmíì lè wá gé e kúrò, ó sì tún lè mú ẹ forí gbárí pẹ̀lú irú Felsuna yẹn lásán.