Ṣánẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ ò rí: ṣé wọ́n pa á rẹ́ ni, àbí wọ́n so ó rọ̀, àbí ó kàn wà lẹ́yìn

Ẹ má tìtorí pé ẹ tẹ orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì kan sí YouTube tí kò jáde kẹ́ ẹ máa pariwo pé wọ́n ti pa á rẹ́ o. Lọ́pọ̀ ìgbà ó wà níbẹ̀ dáadáa, ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan ni ò gbé e síta. Líǹkì lẹ máa fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àpótí tẹ́ ẹ ń tẹ orúkọ sí.

Ká mú un pé ẹ ní ṣánẹ́ẹ̀lì kan tẹ́ ẹ máa ń wò, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fídíò tuntun ti jáde kẹ́yìn, ẹ wá a, tàwọn ẹlòmíì ló ń jáde.

Àkọ́kọ́, ẹ wá líǹkì ẹ̀ jáde. Ẹ wo ibi tí YouTube tọ́jú àwọn fídíò tẹ́ ẹ ti wò sí, tàbí fídíò kan tẹ́nì kan fi ránṣẹ́ sí yín rí, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ ṣánẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Orúkọ tó ní @ níwájú, ẹni tó ni ín lè pààrọ̀ ẹ̀ nígbàkigbà, àmọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UC kì í yí padà, torí náà tẹ́ ẹ bá ní irú líǹkì yìí, òun ni kẹ́ ẹ lò:

```
https://www.youtube.com/channel/UC...
```

Ẹ wá ṣí i, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ka ohun tó bá kọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ YouTube ló pa á rẹ́, òun fúnra ẹ̀ ló máa sọ bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ bíi "This account has been terminated" tàbí "This channel was removed", wọ́n á sì sábà fi ìdí ẹ̀ kún un, bóyá òfin wọn ni wọ́n rú tàbí iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n gbé. Àwọn fídíò ibẹ̀ náà á ti lọ, kò sí èyí tó máa ṣí.

Àmọ́ tó bá jẹ́ "This page isn't available" lásán lẹ rí, ìyẹn ò tíì sọ nǹkan kan o! Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í jù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló fọwọ́ ara ẹ̀ pa á rẹ́, tàbí ó gbé e pamọ́ fúngbà díẹ̀ torí wọ́n fún un láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí ó ti pààrọ̀ orúkọ ẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣi lẹ́tà kan tẹ̀.

Tó bá wá ṣí ńkọ́, tẹ́ ẹ rí àwọn fídíò ẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré? Á jẹ́ pé wọn ò pa á rẹ́ nìyẹn. Ó kù ká mọ̀ bóyá wọ́n so ó rọ̀, ìyẹn ni pé wọn ò jẹ́ kó gbé fídíò síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé àṣìṣe àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, lẹ́yìn ẹ̀ ni sítíráìkì. Sítíráìkì kìíní, ọ̀sẹ̀ 1 lonítọ̀hún ò fi ní lè gbé fídíò sórí ẹ̀, tí ìkejì bá wọlé láàárín ọjọ́ 90 ó di ọ̀sẹ̀ 2, tí ìkẹta bá tún bọ́ sáàárín ọjọ́ 90 yẹn wọ́n á pa á rẹ́. Bó bá burú gan-an, wọ́n lè pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìka sítíráìkì kankan. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi so ó rọ̀, fídíò àtijọ́ tí kò rú òfin ò kúrò ńbẹ̀, kò sì sí àmì kankan tí ará ìta lè rí, inú YouTube Studio àti ímeèlì ẹni tó ni ín nìkan ló wà. Torí náà ẹni tó bá ní "wọ́n ti so ó rọ̀", tí kì í ṣe pé onítọ̀hún ló sọ fún un, àbá ló ń dá. Tiwa tó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí gan-an, ó ti kọjá ìyà sítíráìkì kan ṣoṣo, àfi tí méjì bá tẹ̀ lé ra wọn, ó jọ pé ẹni yẹn kàn ń sinmi ni.

Ó wá ku pé kì í jáde tẹ́ ẹ bá wá a. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Restricted Mode wà lórí fóònù yín, ẹ pa á, torí ó máa ń gbé fídíò pamọ́, níléèwé tàbí níbiiṣẹ́ sì rèé, àwọn tó ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ lè ti tan án fún gbogbo yín. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ lo Filters tó wà níbi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan, kẹ́ ẹ ní ṣánẹ́ẹ̀lì nìkan ni kó gbé jáde. Tí kò bá tún sí, ẹ kọ àkọlé fídíò ẹ̀ kan látòkè délẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí fídíò yẹn bá jáde, kò sẹ́ni tó gbé ṣánẹ́ẹ̀lì náà pamọ́, orúkọ ẹ̀ ló jọ tàwọn ńlá tó wà níwájú ẹ̀, tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tuntun máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, ẹ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí sítíráìkì tàbí pípa rẹ́, fọ́ọ̀mù wà fún un. Ti àìhàn yẹn ò ní fọ́ọ̀mù o, kò sẹ́ni tó dá yín lẹ́jọ́.